Orúkọ Àrìmíyàù Nínú Wífì

Ní ọjà Adjamé Roxy, Àrìmíyàù aláṣọ ni í fi fóònù rẹ̀ pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká. Orúkọ ara rẹ̀ ni ó fi sọ wífì náà. Nígbà tí ó kú, orúkọ náà pa rẹ́ lójú fóònù gbogbo wọn.

Kúlísúmù opó rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lówùúrọ̀ tí ó parí opó ṣíṣe tí ó sì padà sí ìsọ̀, ó kọ orúkọ wífì ọkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú fóònù tirẹ̀, láìyí lẹ́tà kan padà. Bí ó ti tàn án, àwọn fóònù tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ wọlé fúnra wọn.

Kò pẹ́ tí Múdàṣírù ọ̀rẹ́ olóògbé fi dé, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣakí ló ti ń gbàtọ́jú láti oṣù márùn-ún; wọ́n sì fi ikú náà pa mọ́ fún un nítorí àìsàn rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ọkọ rẹ dà? Ọ̀lẹ! Fóònù mi ti rí i kí èmi tó rí i!"

Kúlísúmù kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ orúkọ náà. Ó ti fi wá sílẹ̀."

"Orúkọ rẹ̀ rèé!" Múdàṣírù na fóònù sí i.

Ẹkún gba ojú obìnrin náà. Ó pa orúkọ ọkọ rẹ̀ rẹ́ lára wífì náà, ó kọ tirẹ̀. Múdàṣírù gbé fóònù sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀.