Ìka Kẹfà Olúgbódi

Láti ọjọ́ tí Peace ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fótò sí òdìkejì títì ní Ìkọ̀lé ni ojú Àdùnní, tí òun náà ń ya fótò, kò ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé síbẹ̀, á na ọrùn wò ó. "Ọmọ àná lásán," á sọ fún ara rẹ̀. "Kí ló mọ̀ tí mi ò mọ̀?"

Èyí tó dùn ún jù ni ti Nàfísàt, tó ń ta gààrí. Àdùnní ló ya fótò ìgbéyàwó rẹ̀, Peace ló wá ya ti ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ tí Peace lọ sí Ìdó ni Nàfísàt tó mú ọmọ rẹ̀, Olúgbódi, wá sọ́dọ̀ Àdùnní fún fótò ọjọ́ìbí ọdún kẹrin.

"Àǹtí Fótò, ẹ bá mi ṣe é kó rẹwà o."

"Fọkàn balẹ̀, Ìyá Olúgbódi. Tèmi á yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ àná."

Nígbà tó ya ọmọ náà tán, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ó yọ okùn ìsáṣọ tó hàn lẹ́yìn ọmọ kúrò. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí Peace. Ó sọ ọmọ dúdú di pupa, ó sì pa ìka kẹfà ọwọ́ rẹ̀ rẹ́, torí ó ní ìka náà ń ti ìyá rẹ̀ lójú. Ta ló sọ fún un? Ó gbé e sórí Wáàsáàpù níbi tí Peace á ti rí i.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Nàfísàt ti dé.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ yín ni! Ẹ ní kó rẹwà."

"Ṣé mo ní kí ẹ gé ìka rẹ̀? Ìka tó gbé wá sáyé, tí a torí ẹ̀ sọ ọ́ ní Olúgbódi! Ó wo fótò, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, 'Màámi, ṣé ìka mi ò dáa ni?'"

Àdùnní fa ojú ro. "Peace náà ń tún fótò ọmọ ṣe."

"Peace ń béèrè! Tó bá ti kan ara ọmọ, á fi ohun tó fẹ́ yí hàn mí. Bí mi ò bá tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ bi mí kí ẹ tó gbé e síta."

Àdùnní pa á rẹ́ lórí Wáàsáàpù. "Màá tún un ṣe fún yín."

"Rárá. Èyí tí ẹ ò fọwọ́ kàn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

Lọ́jọ́ kejì, Àdùnní gbọ́ ohùn Peace, tó ti dé láti Ìdó, láti òdìkejì: "Àpá orúnkún Olúgbódi ńkọ́, ṣé kí n yọ ọ́?"

"Fi sílẹ̀," ni Nàfísàt fèsì.

"Ògì ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

"Yọ ìyẹn, jọ̀ọ́!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Àdùnní fa kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé. Ó fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ tí ojú kan lè gbà.