Méjìlá Lósì, Méjìlá Lọ́tùn-ún

Títí di òní, tí mo bá ro ọ̀rọ̀ yìí, orí mi máa ń dàrú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé tí mo tẹ̀ náà ló tọ̀nà. Kò sí ẹyọ kan tí mo fi orí ara mi hùmọ̀. Síbẹ̀, irọ́ ni ìwé náà pa.

Akànràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀: káàdì, kàlẹ́ńdà, pátákó ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tí a jọ lọ sílé-ìwé, tó ń ta oògùn oko, wọlé tọ̀ mí wá, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Fọ́tò ìwé kan tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló yà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ṣe ìwé náà kó tó kú. Orúkọ oògùn méjìlá wà lápá òsì; ìgbà tí a ń fín ọ̀kọ̀ọ̀kan sóko àti bí a ṣe ń fín in wà lápá ọ̀tún. Òjò ti jò sí i lára, ó sì ti ń ya.

"Bá mi ṣe tuntun," ó ní. "Ńlá kan fún ògiri, kéékèèké fún àwọn oníbàárà. Ìyàwó mi ni yóò máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, kò sì tíì mọ oògùn kan yàtọ̀ sí èkejì. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni yóò máa kà fún wọn."

"Kí n wá jókòó máa tẹ gbogbo èyí lọ́kọ̀ọ̀kan? Ṣé o fẹ́ kí ojú mi fọ́ ni?"

"Ìwọ náà! Ṣebí fóònù ti ń kàwé báyìí."

Òótọ́ ló sọ. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìwé tí a yà ní fọ́tò, àwòrán lásán ni. O ò lè tún lẹ́tà kankan ṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù lè wo àwòrán náà, kó dá lẹ́tà mọ̀, kó sì kó wọn jáde bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè gbé lọ síbòmíràn. Mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ sì tú jáde. Ó ka apá òsì láti òkè délẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ka apá ọ̀tún. Nítorí pé Yorùbá ni, ó jẹ àmì orí ọ̀rọ̀ run. Mo jókòó, mo ń dá àmì padà, mo ń bú fóònù. Nígbà tí mo parí, mo ka ìlà: méjìlá lósì, méjìlá lọ́tùn-ún. Inú mi dùn. Mo tò wọ́n sínú àtẹ tuntun, èkíní òsì pẹ̀lú èkíní ọ̀tún, títí dé ìsàlẹ̀. Mo fi àwòrán àgbàdo sí orí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní ó rẹwà. Òun kò kà á. Èmi náà kò fi wé fọ́tò àtijọ́ mọ́.

Àbúrò ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà, Ìyá ni mo sì ń pè wọ́n. Abúlé kan lẹ́yìn Akànràn ni wọ́n ti ń dáko. Lọ́dún yẹn, alágbàṣe wọ́n bí ojú, koríko sì ti ń bá àgbàdo wọn du oko. Ni Ìyá, tí kò lo oògùn rí, bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ ka ìwé fún wọn, ó sì ta oògùn kan fún wọn. Ìyá yá táǹkì tí a fi ń fín oògùn lọ́wọ́ bàbá kan tí oko wọn jọ pààlà, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fín oògùn náà sí oko.

Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí ìpè wọlé. "Ọmọ mi, àgbàdo mi ń kú."

Mo sáré gun ọ̀kadà. Háà! Àgbàdo tó ti dé orúnkún ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni da omi gbígbóná lé e lórí, àti òun àti koríko. Èèyàn kò sí lóko. Ọmọ kan tó ń kọjá sọ fún mi pé ilé baálẹ̀ ni gbogbo wọn wà.

Ìyá ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dé. Wọ́n ní bàbá alájọpààlà ti fi táǹkì náà fín oògùn apagbogbo-ewé sí igbó tiwọn, wọn kò fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó yá àwọn. Bàbá ní àwọn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lójú ìyàwó àwọn. Wọ́n ti ṣe àlùwàlá, wọ́n ti ránṣẹ́ lọ gbé Kùránì tí wọn yóò fi búra.

Mo gbóná, mi ò lè purọ́. "Bàbá, ẹ̀yin àgbà! Ẹ ò ṣe kúkú sọ pé ẹ ò fẹ́ yá wọn ní táǹkì? Ẹ wá fẹ́ fi ìbúra bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀?"

Bàbá yíjú sí ọ̀nà tí Kùránì yóò gbà dé.

Baálẹ̀ ní kí Ìyá gbé ike oògùn náà jáde. Ìyá gbé e kalẹ̀, wọ́n sì tú etí ìró wọn, ìwé kékeré kan wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo ka ohun tó wà níwájú orúkọ oògùn náà: "Nígbà tí àgbàdo bá dé orúnkún, fín in sí àárín rẹ̀." Ohun tí Ìyá ṣe gan-an nìyẹn. Mo wá wo ara ike: gbogbo ewé tútù ni ó ń pa, a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kan ohun ọ̀gbìn. Kò yé mi. Èwo ni kí n gbà gbọ́, ike tàbí ìwé tí mo fi ọwọ́ mi tẹ̀?

Mo ṣí fóònù, mo wá fọ́tò àtijọ́, mo fẹ̀ ẹ́. Ní ìlà kẹrin lápá ọ̀tún, omi òjò ti fọ ọ̀rọ̀ di fẹ́ẹ́rẹ́. Fóònù kò rí i, ó fò ó. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ karùn-ún gòkè sí ìkẹrin, ìkẹfà gòkè sí ìkarùn-ún: ọ̀rọ̀ oògùn àgbàdo lọ bá oògùn apagbogbo-ewé. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe tún pé méjìlá? Mo tún wò ó. Ọ̀rọ̀ keje gùn, ọ̀gá yẹn pín in sí ìlà méjì. Fóònù kà á sí ọ̀rọ̀ méjì. Ó sọ ọ̀kan nù, ó gé ọ̀kan sí méjì, iye sì pé.

Wọ́n ti gbé Kùránì dé. Bàbá ti na ọwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má búra!" Mo pariwo. "Ẹ má búra, Bàbá. Ọwọ́ yín mọ́."

Lójú gbogbo wọn, mo pe ìyàwó ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù pé kó ya ìwé ara ògiri náà dànù, kó sì wá gbogbo ẹni tó ti gba kékeré lọ. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé: fọ́tò, omi òjò, ìlà tó gòkè. Kò yé ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ń ṣàlàyé gan-an, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ mi lẹ́nu.

Baálẹ̀ ní, "Ta ló wá jẹ̀bi?"

"Fóònù ló kà á báyẹn, Baálẹ̀. Ohun tó kà ni mo—"

"Dúró," Ìyá ní. Wọn kò pariwo. "Èmi ò mọ̀wé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe rán ọ lọ sílé-ìwé. Fóònù kà á, mo gbọ́. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ kà á?"

"Rárá, Ìyá. Mi ò kà á."

Ìyá dìde. Wọ́n rìn lọ síwájú bàbá náà, wọ́n sì kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n. Èmi tó yẹ kí n ti kúnlẹ̀ ṣáájú wọn, mo ṣì wà lórí ìdúró, fóònù wà lọ́wọ́ mi.