Ohun tí fótò alẹ́ orin Ìkìrun kò lè sọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ń fi ìgò rán mi lọ ra kẹrosíìnì ní Inísà, orin kì í dá lẹ́nu ìyá wa. Gààrí ni wọ́n máa ń din, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a sì jókòó tì wọ́n, a ó máa bó ẹ̀gẹ́. Orin kan wà tó jẹ́ tiwọn, àwọn fúnra wọn ló dá a: “Bí mo bá délé, n ó kí ọ, bí n ò bá délé, ohùn mi á délé.” Wọ́n máa ń kọ ọ́ nínú mọ́tò tí wọ́n bá ń lọ sọ́jà Òkúkù. Ọdún tí mo wọ kíláàsì kẹrin ni àìsàn mú wọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni bàbá wa ti ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ orin nínú ilé mọ́. Ìbànújẹ́ ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọdé ò mọ̀yẹn, líle ojú nìkan la rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè pa ẹnu mọ́ ní tirẹ̀, nítorí ohùn Ìyá ló jogún. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ olórin kan ní Òkúkù, tí wọ́n ní gìtá kan, kóńgà méjì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bàbá gbọ́, wọ́n ní kó yan ọ̀kan, orin tàbí ilé. Ó di ẹrù rẹ̀, ó forí lé ilé àbúrò ìyá wa ní Òkúkù. Oṣù mẹ́jọ ni kò fi tẹ ilẹ̀ ilé wa. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fojú rí bí ilé kékeré ṣe ń di ilé ńlá tí èèyàn bá kúrò nínú rẹ̀. Mo pinnu pé ẹ̀gbọ́n mi á padà wálé, bó fẹ́ bó kọ̀, bí Bàbá sì fẹ́ bí wọ́n kọ̀.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ wọn ṣètò alẹ́ orin ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan n'Ìkìrun. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún Bàbá pé òun ti gbé àga kan síwájú fún wọn, ẹlòmíì ò sì ní jókòó síbẹ̀. Mo jíṣẹ́.

“Sọ fún un pé mo gbọ́,” ni Bàbá wí.

Gbígbọ́ kọ́ ni wíwá. Èmi ní tèmi, mo ní mò ń lọ kí àbúrò ìyá mi ní Òkúkù. Irọ́ kọ́ o, mo kí wọn dáadáa kí a tó jọ wọ mọ́tò Ìkìrun.

Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan ń wo ojú fèrèsé wọlé. Bàbá oní-fótò kan wà níbẹ̀, fíìmù kan péré ló gbé wá, mẹ́rìndínlógójì ni gbogbo ohun tó lè yà. Tó bá ti ya ọ̀kan, fíláàṣì rẹ̀ a máa han fíín, a ó sì dúró dìgbà tí iná rẹ̀ bá padà pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kọrin títí ó fi kan orin Ìyá. Ìlà kejì ló wà tí jẹnẹrétọ̀ kú. Máíkì kú, gìtá kú, òkùnkùn bo gbogbo wa. Àwọn kan ti ń pòṣé. Ìgbà náà ni obìnrin kan gbé orin náà láti ẹ̀yìn, bó ṣe wà lẹ́nu Ìyá gan-an. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbè é, kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi gbà á, ẹsẹ̀ ń lulẹ̀, ọwọ́ ń pàdé ọwọ́. Inú òkùnkùn yẹn ni bàbá oní-fótò ti ya fótò mẹ́ta.

Òṣogbo ni wọ́n ti ń fọ fíìmù nígbà náà, ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí fótò tó dé. Bàbá oní-fótò fẹ́ ju ọ̀kan nù, ó ní àga lásán ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn fótò kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé wọn fún Bàbá. “Èrò bí eéṣú!” “Ijó ń gbóná!” “Ẹ̀gbọ́n mi ń kọrin.” Mo tẹ bírò náà débi pé lẹ́tà yọ síwájú, ìlà kan sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kọjá. Bàbá ń ṣí wọn bí ẹni ń pín káàdì.

“Èrò ni mo rí. Òde wo ni kì í lérò?” Wọ́n wá mú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀ dání. “Ìmọ́lẹ̀ wà, èèyàn wà. Kí ló dé tó sọ ohun tí wọ́n fi ń kọrin kalẹ̀, tó wá ń lanu lásán?”

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti dìde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí ara mi. Fótò náà ń purọ́, èmi tí mo wà níbẹ̀ sì bá a dákẹ́. Ohun tí ojú Bàbá lè rí fúnra rẹ̀ ni mo kọ, mi ò kọ ohun tí etí wọn ò lè gbọ́ nínú fótò.

Mo tún un ṣe. Mo ra álíbọ́ọ̀mù tó ní ọ̀rá, mo gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún kọ ọ́. Lábẹ́ fótò tí wọ́n béèrè, mo kọ pé: “Jẹnẹrétọ̀ ti kú. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì lẹ ń rí yìí, inú òkùnkùn la wà. Ẹ wo ẹnu gbogbo èèyàn, orin Ìyá ni wọ́n ń kọ.” Lábẹ́ èkejì: “Ìyá aláṣọ búlúù yìí ló kọ́kọ́ gbé e. Ó ní inú mọ́tò ọjà Òkúkù lòun ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá.” Lábẹ́ ẹ̀kẹta: “Ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lókè. Nígbà tó balẹ̀, ìgò mínírà ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.” Fótò kan wà tí èmi fúnra mi ti yọ létí ògiri, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Mò ń sunkún níbí. Mo ti rò pé mi ò ní gbọ́ ohùn Ìyá mọ́ láyé.” Nígbà tó kan àga òfìfo, mi ò rí ohun tí mo lè kọ tí kò ní dà bí èébú sí bàbá mi. Mo fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo gbé álíbọ́ọ̀mù ka orí Bíbélì wọn.

Ọjọ́ kẹta, mo ti iléèwé dé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọ̀sán pọ́n, Bàbá ò sí nílé. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé láti Òkúkù, àwọn ló ru àpótí, ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ lé wọn. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ń fọ abọ́, ó ń kọrin, Bàbá ò sì ní kó dákẹ́.

Ayé ti yí padà. Fóònù ń gba àwòrán, ó ń gba ohùn, kò sí pé a ń dúró de Òṣogbo. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ti òde orin kan dé, ó ní kí n bá òun wá ọ̀rọ̀ tí òun máa kọ sábẹ́ fídíò òun. Ó ti kọ “Ó gbóná gan-an!” síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ irú rẹ̀. Mo ní kó sọ orin tó mú omi bọ́ lójú rẹ̀ fún mi, kó sì sọ ẹni tó ń wá kiri nínú èrò. Ó tún fídíò náà wò. Mo gbé álíbọ́ọ̀mù náà lé e lọ́wọ́. Ó ń ṣí i títí ó fi kan àga òfìfo, ó wá béèrè ẹni tó fi pẹ́ńsù kọ̀wé gbágungbàgun sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó kà á sókè.

“Èmi ló yẹ kí n wà níbí.”