Ọjọ́ Tó Yẹ̀ Mọ́ Ìyá Ọjọ́-Pé Lọ́wọ́

Aago kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi tí mo fẹ́ràn ju ọkọ mi lọ. Kì í ṣe pé ó rẹwà. Rọ́bà lásán ni, ọwọ́ rẹ̀ tó gùn a sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: “Ẹni tó ń sanwó déédéé jù lọ.” Èmi ni wọ́n fún. Ilé ìyáwó tí àwa obìnrin ọjà ti ń yáwó ló gbé e lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì tẹrí ba bí ìyàwó tuntun. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ọjọ́-Pé, torí bí ọjọ́ bá ti pé, owó mi ti dé.

Kò sẹ́ni tó bi mí níbi tí owó náà ti ń wá. Èmi náà ò sì bi ara mi.

Síìpù, bọ́tìnì àti òwú ni mo ń tà fún àwọn aránṣọ. Tí mo bá yọ owó ọjà kúrò, èrè mi lọ́sẹ̀ kan á tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ilé a jẹ márùn-ún níbẹ̀, ó ku mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo sì gbọ́dọ̀ san fún ilé ìyáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìṣirò á ti rí i pé owó ò pé. Èmi tí mo lè fọwọ́ lásán mọ síìpù onírin yàtọ̀ sí ti rọ́bà, mi ò rí i. Nígbà tí mo fẹ́ yá a, mo rò pé ọjà tí mo bá fi kún ṣọ́ọ̀bù á tà wàrà-wàrà. Ọjà náà sì tà lóòótọ́. Àwìn ni wọ́n rà á.

Dípò kí n pariwo, ọgbọ́n ni mo dá. Mo lọ bá bàbá olówó èlé kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Bàbá Onísùúrù, mo yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni èlé rẹ̀ lóṣù. Bàbá yìí kì í lé èèyàn. Tí o bá ti gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ fún un, á rẹ́rìn-ín sí ọ, á ní kí wọ́n bu omi tútù fún ọ mu, á sì béèrè àwọn ọmọ. Ogójì rẹ̀ jókòó síbẹ̀, kò dín kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ èmi náà ni, màá ní sùúrù.

Ogójì yẹn ni mo fi ń dí àlàfo ilé ìyáwó títí ó fi tán. Ni mo bá rí ẹ̀yáwó orí fóònù. Ìyẹn ò ní kí o wá, kò ní kí o lọ. O ní o fẹ́ ogún ẹgbẹ̀rún, wọ́n á yọ èlé wọn sílẹ̀ kíákíá, mẹ́tàdínlógún á wọlé, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wàá dá ogún padà. Tí ọjọ́ fóònù bá pé, màá kó owó tó yẹ kí n fi ra ọjà, màá fi san án. Lọ́jọ́ yẹn náà, màá tún yá òmíràn, kí n lè rí owó ra ọjà. Inú mi a sì máa dùn pé wọ́n tún fọkàn tán mi.

Ọmọbìnrin tó ń gbowó fún ilé ìyáwó, Agbowó là ń pè é, fẹ́ràn owó mi gan-an. Owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lápò olówó èlé tàbí lẹ́nu ẹ̀rọ báǹkì kò tíì rí ìyà ọjà. Ó máa ń dán, ó máa ń gan.

“Ẹ wò ó,” á máa sọ fún àwọn tó kù, “ẹ wo bí owó Ìyá Ọjọ́-Pé ṣe mọ́!”

Èmi á sì máa wo òkè bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìgbà tó yá, Agbowó ní ilé ìyáwó fẹ́ gba àwọn oníbàárà tuntun. “Ẹ̀yin lẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ nípàdé tó ń bọ̀, mà. Ẹ kàn ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ṣe é.”

Ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú ọ̀rọ̀ náà wò. Káfíńtà ni ọkọ mi, ó ń fi sáńpépà fá ẹsẹ̀ àga lọ́wọ́. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo gbọn aṣọ mi.

“Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,” mo ní, “àṣírí ibẹ̀ ni ètò. Tí owó ilé ìyáwó ò bá pé, mo máa ń gba díẹ̀ lórí fóònù.”

“Kí lo fi ń san ti fóònù?” ọkọ mi ní, kò gbójú sókè.

“Owó ọjà.”

“Kí lo wá fi ń ra ọjà?”

“Mo tún máa ń gba òmíràn lórí fóònù.”

“Èlé Bàbá Onísùúrù ńkọ́?”

“Ìyẹn náà, lára…”

Ó gbé sáńpépà sílẹ̀. “Ìyá àwọn ọmọ, nínú gbogbo yín, ta ló ń sanwó gan-an?”

Mo bínú. Mo ní kó máa fá igi rẹ̀, ṣé mo ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kan àga ni? Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, níbi tí mo ti ń to bọ́tìnì, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Èlé Bàbá Onísùúrù tó ẹgbẹ̀rún kan lọ́sẹ̀. Ti fóònù, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí mo ní láti fi san gbèsè, méjì ààbọ̀ ti bá èlé lọ kí n tó fọwọ́ kan gbèsè fúnra rẹ̀. Mo gbójú sókè wo aago mi, mo sunkún. Ó dùn mí gan-an. Mo ti fi ìyà ra àtẹ́wọ́.

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Mo pinnu pé mi ò ní yá ti ẹnì kan san ti ẹlòmíràn mọ́. Ohun tí mo bá ní lọ́wọ́ ni màá san, kí ọjọ́ yẹ̀ tó bá fẹ́ yẹ̀.

Bàbá Onísùúrù ni mo kọ́kọ́ lọ bá, kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Mo kúnlẹ̀. “Bàbá, mo fẹ́ máa san nínú ogójì náà díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀ yín, iye tó bá kù ni kí ẹ máa gba èlé lé lórí.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò rí eyín rẹ̀. “Ta ló ń lé ọ?”

“Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Bàbá.”

“Gba ogún sí i, kí ara rẹ balẹ̀.”

“Ara mi ò ní balẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣeun.”

A fà á síwá sẹ́yìn títí ó fi gbà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bu omi fún mi lọ́jọ́ náà.

Ìpàdé ló le jù. Àwa márùn-ún la jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan ní ilé ìyáwó, a ti tọwọ́ bọ̀wé fún ara wa: tí owó ẹnì kan ò bá pé, àwọn mẹ́rin tó kù á bá a san ìyókù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tó máa dìde níbẹ̀. Onídìrí tó jẹ́ olórí wa ni mo ti sọ fún ṣáájú. Ó kàn ń wò mí ni. “Ìwọ? Ìyá Ọjọ́-Pé?” Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́.

Agbowó pè mí síwájú. Àwọn oníbàárà tuntun kún ibẹ̀, wọ́n ti múra àtipàtẹ́wọ́. Mo yọ aago mi nínú báàgì, mo gbé e sórí tábìlì.

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo mú wá lónìí,” mo ní. “Ó ku méjì. Mi ò ní in.”

Mo wá ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣàlàyé: ti fóònù, ti èlé, owó ọjà tó ń lọ tó ń bọ̀. Obìnrin kan nínú àwọn tuntun rọra ń kó fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà sínú báàgì. Mo yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ wọ́n.

Onídìrí pòṣé kan tó gùn. “Jókòó, má pa wá lẹ́rìn-ín mọ́.” Ó tú àpò rẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta-ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó pé.

Ọ̀gá ilé ìyáwó pè mí wọ yàrá. Ó ní òun á dín ti ọ̀sẹ̀ kù sí ẹgbẹ̀rún méjì, àmọ́ ọjọ́ á gùn sí i, gbèsè ò sì dín, mi ò sì lè yá òmíràn títí màá fi san èyí tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀bùn ló fún mi. Ó ní kí n gbé aago mi, àwọn kì í gba ẹ̀bùn padà. Mo gbé e sábẹ́ apá, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé.

Ó wá ku fóònù. Ọjọ́ rẹ̀ pé, mi ò san, mi ò sì yá òmíràn. Wọ́n bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi: “Obìnrin yìí jẹ gbèsè, ó ti sá lọ. Ẹ bá wa wá a.” Ìyá ọkọ mi pè mí, ó ní ibo ni mo sá lọ, ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àmọ́ ẹni tó ti jẹ tirẹ̀ tán níwájú ìpàdé, èwo ló tún kù?

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni aránṣọ kan wọlé, èyí tí mo ń pè ní Ẹ-Wá-Lọ́la nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn tó bá ti gba ọjà tán. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá, wọ́n ní ẹ ti sá lọ.”

“Mo ti dé.”

Ó họ orí. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó kó owó sílẹ̀ lórí káńtà, ìdajì ohun tó jẹ mí. “Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ nílò owó. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fún ní aago! A ṣáà rò pé owó ti bò yín lójú.”

Mo jókòó. Ohun tí àwọn aránṣọ jẹ mí lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Mo ń yá owó olówó pẹ̀lú èlé, mo sì ń tà láwìn láìgba èlé, ojú sì ń tì mí láti béèrè, kí wọ́n má bàa sọ pé Ìyá Ọjọ́-Pé ń wá owó. Ilé ìyáwó ni èmi gan-an, èyí tó gọ̀ jù lọ nínú wọn. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè owó mi. Àwọn kan san. Àwọn méjì kan yí ọ̀nà padà, wọn ò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ títí dòní. Èyí tí mo rí gbà ni mo fi san ti fóònù pẹ̀lú owó ìtanràn wọn, mo sì gé nínú ogójì Bàbá Onísùúrù. Mo dá owó àwọn ẹgbẹ́ mi náà padà. Onídìrí kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Aago ṣì wà lára ògiri. Mo fi páálí bọ́tìnì bo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, a fi ń wo àkókò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Agbowó wá gba ẹgbẹ̀rún méjì. Mo kó owó náà jáde nínú agolo òwú, ó jẹ́ kéékèèké, ó dọ̀tí, òwú pupa lẹ̀ mọ́ ọ̀kan lára rẹ̀. Agbowó ń tẹ́ ẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí itan rẹ̀.

“Ìyá Ọjọ́-Pé,” ó ní, “owó yìí mà rún o. Tẹ́lẹ̀, owó yín kì í rí báyìí.”

“Tẹ́lẹ̀, kì í ṣe owó mi.”