Àpótí Kọ́kọ́rọ́ tí Mo Gbá Dànù

Mo fẹ́ràn kí nǹkan mọ́. Bí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí mo rí i pé fáìlì kún ojú rẹ̀ bí aṣọ àìfọ̀, ara mi kì í balẹ̀ títí n ó fi tò wọ́n. Ìyá mi ló fi kọ́ mi. Bí a bá ti jí, ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bọ̀ sí wa lọ́wọ́, òwe kan náà ló sì máa ń tẹ̀lé e: ẹni tó bá gbálẹ̀ nilẹ̀ ń mọ́ fún. Mo gbà á gbọ́ títí di ọdún tí mo gbá ohun olóhun dànù.

Ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìlú Èjìgbò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Sáfà ńlá méjì, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbára tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń lò, ni mo ń tọ́jú, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí. Inú sáfà wọ̀nyí ni àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń gbé, ẹ̀rọ tí kò ní ara, tó jẹ́ pé fáìlì lásán ni, ṣùgbọ́n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà gidi, tó sì ń lo Linux tirẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. A kì í to wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. A ní àwòṣe kan tí a ti tò parí, òun ni a máa ń dà kọ bí a bá fẹ́ ẹ̀rọ tuntun. Àwòṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Nọ́ńbà ìdánimọ̀, kọ́kọ́rọ́ ìwọlé, ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ àná, a ó nù ún kúrò, kí ẹ̀rọ méjì má baà máa jẹ́ orúkọ kan náà. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó mi níbẹ̀, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi, olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn kan ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wa wò, wọ́n sì ti sọ pé Secure Boot gbọ́dọ̀ wà lára àwòṣe wa àti gbogbo ẹ̀rọ wa. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni Secure Boot. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, kò ní jẹ́ kí ohunkóhun wọlé àfi èyí tó ní òǹtẹ̀ ẹni tó mọ̀.

“Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún ọ,” ọ̀gá mi wí.

“Ọ̀sẹ̀ kan ti tó, sà.”

Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò jí rárá. Wọ́n ti ṣe é láyé àtijọ́, kò sí ìpín kékeré tí fámúwíà tuntun, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ, ti máa ń wá ohun tí yóò fi jí i lórí díìsì rẹ̀. Mo fi díìsì ìrànlọ́wọ́ wọlé, mo pín in fún un, mo gbé àwọn fáìlì ìjí tó ní òǹtẹ̀ síbẹ̀, ó bá dìde. Ẹ̀rọ kejì jí dé ìdajì, ó ní òun kò mọ òǹtẹ̀ ẹni tó wà níwájú òun. Òótọ́ ló sọ. Àwa fúnra wa la kọ́ kánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn ọkàn Linux náà, a kò sì fi òǹtẹ̀ kankan lé e. Mo ṣe kọ́kọ́rọ́ tiwa, mo fi tẹ kánẹ́ẹ̀lì náà, mo sì forúkọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń jí lẹ́yìn ìyẹn, ojú aláwọ̀ búlúù kan á yọ, á ní kí o wá jẹ́rìí sí i, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ló sì fún ọ kí ó tó kọjá lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọjá lára mi nítorí pé mo ń bu omi mu.

Ìgbà tí mo wá da ẹ̀rọ yẹn kọ, ọmọ rẹ̀ kò jí. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo rí ìdí rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kì í gbé inú díìsì. Inú ìrántí fámúwíà ló ń gbé, fáìlì kékeré kan lọ́tọ̀ ni, mi ò sì dà á kọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pẹ̀lú bírò pupa pé gbogbo ohun ẹ̀rọ kọ́ ló wà nínú díìsì rẹ̀. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kì í fẹ́ wo ojú ewé yẹn.

Ẹ̀rọ kẹta ni ti Màmá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ gba ohùn àwọn àgbàlagbà tó lọ ṣiṣẹ́ ní Àbíjàn tí wọ́n sì padà wálé. Ọkọ wọn ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀. Télọ̀ ni bàbá náà, ó rán aṣọ ní Àbíjàn títí irun rẹ̀ fi funfun, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Bàbá ti di olóògbé nígbà tí à ń wí yìí. Káàdì kékeré kan ṣoṣo ni Màmá ní. Bí wọ́n bá ti gbé ohùn ẹnì kan sórí sáfà wa, wọ́n á pa ti orí káàdì rẹ́, wọ́n á tún fi gba ti ẹlòmíràn. Àwa la sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà ṣe é nìyí. Mo fi àwòṣe tuntun bí ẹ̀rọ kan, mo yọ díìsì Màmá kúrò lára ẹ̀rọ àtijọ́, mo so ó mọ́ tuntun. Ẹ̀rọ àtijọ́ wá ṣẹ́ kù bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Mo rí i pé TPM wà lára rẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tí ẹ̀rọ máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí. Mo ní ti ẹ̀rọ àná ni. Mo fi kún àṣẹ tí mo kọ láti pa ẹ̀rọ àtijọ́ náà rẹ́ pé kí ó kó ìrántí fámúwíà àti àpótí náà lọ pọ̀ mọ́ ọn. Ó kó wọn lọ. Ilẹ̀ mọ́ fún mi.

Ẹ̀rọ tuntun jí. Ẹ̀ṣọ́ wo òǹtẹ̀, ó ní ó dára. Ó wo kánẹ́ẹ̀lì, ó ní ó dára. Inú mi ń dùn lọ. Lẹ́yìn náà ló dúró, ó ní kí n tẹ páásíwọ́ọ̀dù tí yóò fi ṣí díìsì. Ẹ̀rọ yẹn kò béèrè páásíwọ́ọ̀dù rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo pa Secure Boot bóyá òun ló fà á, mo tún jí i. Ìbéèrè kan náà. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Wọ́n ti ti díìsì náà pa pátápátá, àpótí tí mo gbá dànù ló sì ti máa ń ṣí i lọ́jọ́ gbogbo láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo wá àpótí náà lórí díìsì sáfà bóyá mo lè rí àfọ́kù rẹ̀. Òfo ni gbogbo rẹ̀. Mo sáré lọ sídìí ẹ̀dà tí a máa ń tọ́jú pamọ́. Díìsì nìkan la ń dà kọ síbẹ̀, a kì í da àpótí kọ, nítorí náà ẹ̀dà mẹ́ta ni mo bá, gbogbo rẹ̀ ló wà ní títì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá yẹn, ojú tì mí débi pé mo rọra pa iná.

Mo pe Màmá. Wọ́n ní páásíwọ́ọ̀dù kan wà lóòótọ́ nígbà àkọ́kọ́, àwọn ṣì ní ìwé rẹ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé náà wà nínú agolo mílíìkì, wọ́n fi ọ̀rá dì í lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Màmá ń pè é fún mi bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ó kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó to ẹ̀rọ yẹn, tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi, ti wà ní Àbíjàn. Mo pè é lórí fóònù, mo jẹ́ kí Màmá náà gbọ́.

“Páásíwọ́ọ̀dù wo?” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Mo ti pa á rẹ́. Màmá ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri nígbà náà, gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń kà á. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú TPM kí ẹ̀rọ máa dá ṣí ara rẹ̀, mo wá yọ páásíwọ́ọ̀dù kúrò. Kí ló dé? Ṣé TPM ò sí níbẹ̀ ni?”

“Mo ti pa á rẹ́, ẹ̀gbọ́n.”

Ó fi èdè Faransé tọrọ àforíjì, “Pardon, Màmá.”

Òun náà ti gbá ilẹ̀ tirẹ̀. Àwa méjèèjì la fi ìmọ́tótó ti ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀kan tinú, ọ̀kan tòde. Mo bínú sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wá rántí bírò pupa.

Àlàájì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ wa ṣe bá wa níbẹ̀. Wọ́n wo ojú Màmá, wọ́n ní, “Ẹ má banú jẹ́, ìyá. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Ire ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n omi kò dànù o. Gbogbo rẹ̀ wà nínú agbè, ẹ̀kán kan kò jò, kò kàn sí ẹni tí yóò mu ún mọ́ láyé yìí ni.

Àwọn olùyẹ̀wò dé, wọ́n yìn wá. Gbogbo ẹ̀rọ wa ló ní ẹ̀ṣọ́, ti Màmá náà kò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àyè bẹ̀rẹ̀ sí í há lórí sáfà, ọ̀gá mi ní kí n pa ẹ̀rọ tí kò ṣí yẹn rẹ́. Mi ò lè ṣe é lẹ́yìn Màmá. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó lójúde. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí ọ̀gá mi wí. Wọn ò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ṣé ohùn bàbá ṣì wà nínú rẹ̀?”

“Ó wà, Màmá. Ohunkóhun kò ṣe é. A kò kàn lè ṣí i ni.”

“Títí láé?”

“Níbi tí ìmọ̀ mi mọ, Màmá, títí láé.”

Wọ́n bó ẹ̀gẹ́ méjì sí i. Wọ́n wá fi ọ̀bẹ júwe ẹ̀yìn ilé. “Ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀ yẹn. Mi ò lè ṣí ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí koríko hù lórí rẹ̀. Má pa á rẹ́, ọmọ mi.”

Mo padà sí Èjìgbò, mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo ti pa á rẹ́. Irọ́ ni mo pa. Díìsì kan wà lábẹ́ tábìlì mi tí n kò kọ orúkọ sí lára. Bí ó bá ti ń gbó, mo máa ń gbé ohun inú rẹ̀ lọ sórí òmíràn, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, n kì í sì nu ohunkóhun kúrò lára rẹ̀.