Túùbù Kejì Tó Dì

Ọdún keje rèé tí èmi àti Àǹtí Ẹ̀bùn ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn àdáni kan tí kò jìnnà sí Apple Junction. Ẹ̀bùnlọlá lorúkọ wọn gan-an. Festac ni wọ́n bí wọn sí, nínú fúláàtì tí ìjọba àpapọ̀ fún bàbá wọn nígbà tí bàbá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni àwọn àti ọkọ wọn, Bọ̀dá Ọlábánjí, ń gbé títí di òní. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Wọn kì í kánjú. Bí ìwé bá ní ká fọ hóró ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Àǹtí Ẹ̀bùn máa fọ̀ ọ́. Tí mo bá kùn, wọ́n á ní, "Wùnmí, ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yìí kò sí níbí láti gbẹnu sọ fún ara rẹ̀."

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bí ọmọ tí wọ́n ti ń retí tipẹ́, Ìmísí. Láti ìgbà oyún náà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru, wọ́n sì ń lo oògùn kan fún un. Bí wọ́n ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìbímọ ni mo rí i pé ó ń rẹ̀ wọ́n jù. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn ilé kejì, wọ́n á dúró láàárín, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kálukú ní ìyá ọmọ tuntun ni, kò lè ṣe kó má rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ojú wọn wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, a ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Wọ́n lo oògùn ibà, wọ́n tún lo òmíràn. Àwa tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ayé wò, kò sẹ́ni tó ronú láti yẹ tiwọn wò.

Ọjọ́bọ̀ kan láàárọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà já sí wa lọ́wọ́.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a máa ń dán oògùn àyẹ̀wò Kúúmùsì wò. Àyẹ̀wò yìí ló ń sọ bóyá àńtíbọ́dì ti lẹ̀ mọ́ hóró ẹ̀jẹ̀ pupa. Àńtíbọ́dì ni ara fi ń bá àrùn jà. Àmọ́ nígbà mìíràn ara á ṣìnà, á kọjú ìjà sí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí àńtíbọ́dì náà lára hóró ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, a máa ń fi omi oníyọ̀ fọ hóró náà mọ́ tónítóní, ká lè ṣan gbogbo ohun tí kò lẹ̀ mọ́ ọn dànù. Lẹ́yìn náà la ó wá kán oògùn náà sí i. Oògùn yìí máa ń gbá àńtíbọ́dì ara hóró kan mú, á tún gbá ti ara hóró kejì mú, á so wọ́n pọ̀, gbogbo wọn á sì dì. Bí kò bá sí ohunkóhun lára wọn, wọn ò ní dì, wọ́n á tú yẹ́yẹ́ bí a bá ti mi túùbù.

Túùbù méjì la fi ń dán oògùn náà wò. A máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àńtíbọ́dì kun hóró ti àkọ́kọ́: ó gbọ́dọ̀ dì. Hóró lásán ló wà nínú ìkejì: kò gbọdọ̀ dì. Enoch, ọlọ́dẹ wa, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìsọ̀rí O, ló máa ń fún wa ní ẹ̀jẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ó gba ìsinmi lọ sílé. Àǹtí Ẹ̀bùn ní, "Ìsọ̀rí O lèmi náà. Fa tèmi."

Túùbù àkọ́kọ́ dì. Ìkejì náà dì.

Àǹtí Ẹ̀bùn gbé e síbi iná, wọ́n mì ín díẹ̀díẹ̀. Ìdì pupa kan ṣoṣo ló ń yí kiri nínú omi náà.

"Oògùn yìí ti bà jẹ́," ni mo sọ.

"Fa tìrẹ."

A fọ tèmi, a kán oògùn kan náà sí i. Ó tú yẹ́yẹ́. Mo tún ẹ̀jẹ̀ wọn fà láti apá kejì, mo mú túùbù tuntun, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n fọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó tún dì.

Wọ́n jókòó. Mo mọ orúkọ tó wà lọ́kàn wọn, nítorí òun náà ló wà lọ́kàn tèmi: Sìlífátù.

Aṣọ ni Sìlífátù ń rán ní Abúlé Adó. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé e wá, ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àpò méjìlá ni èmi àti Àǹtí Ẹ̀bùn fi wé tirẹ̀, kò sí èyí tó bá a mu, nítorí àńtíbọ́dì tó ń ba tirẹ̀ jẹ́ kì í mọ ti ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Gbogbo rẹ̀ ló ń bá jà. Ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé e wá. Ọjọ́ kẹta ló kú.

"Wùnmí," ni Àǹtí Ẹ̀bùn sọ nígbà tó yá, "wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi."

Mo wò ó. Mọ́kànlélógún péré nínú ọgọ́rùn-ún ni, nígbà tó yẹ kó tó mẹ́rìndínlógójì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yí ìwé náà sí wọn.

"Ìmísí ò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́wàá," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ọ̀nà méjì ni nǹkan yìí ń gbà wá, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà. Mo gbé túùbù tí mo kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ wọn sí, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ń wá ohun tí a rí lára Bàbá Láńre, ọ̀gá àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Festac. Ẹ̀jẹ̀ bàbá yẹn ti ṣùpọ̀ nínú túùbù kí a tó kán oògùn kankan sí i. Àǹtí Ẹ̀bùn fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó títí ó fi móoru, ó sì tú. Irú ti òtútù nìyẹn: ibi tí ara bá ti tutù, bí ìka ọwọ́ àti etí, ni àńtíbọ́dì rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá padà síbi tó móoru, á já bọ́, àmọ́ á ti fi àmì tí à ń pè ní C3 sílẹ̀ lára hóró náà. Kí bàbá máa wọ ìbọ̀wọ́, kó má ṣe jẹ́ kí òtútù mú òun, ìyẹn gan-an ni olórí ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Àǹtí Ẹ̀bùn ń ṣàn geere nínú túùbù. Kò ṣùpọ̀.

"Ti ooru ni," ni wọ́n sọ. "Irú ti Sìlífátù." Nínú irú yìí, bí ara ṣe móoru gan-an ni àńtíbọ́dì ń fi ṣiṣẹ́, kì í sì í já bọ́, ọlọ inú tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ á máa gbá àwọn hóró tó lẹ̀ mọ́ mú, á máa jẹ wọ́n.

Mo ní, "Àǹtí, ojú lásán lẹ fi ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká fi àyẹ̀wò yà á sọ́tọ̀ ná."

Ilé ìwòsàn wa kò ní oògùn tó ń ya irú méjèèjì sọ́tọ̀. Bọ̀dá Ọlábánjí wá fi mọ́tò gbé wa, a gba Mile 2 lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Lójú ọ̀nà, Bọ̀dá ń bi mí ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, Àǹtí Ẹ̀bùn sì di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn mọ́tò, wọ́n dì í mú gan-an débi pé èékánná wọn wọ̀ mí lára. Wọn ò fẹ́ kí n dáhùn.

Níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ẹ̀jẹ̀ kán oògùn tó ń wá IgG, àńtíbọ́dì irú ti ooru, sí túùbù kan, wọ́n kán ti C3 sí ìkejì. Ti IgG dì gbagidi. Ti C3 tú. Òótọ́ ni Àǹtí Ẹ̀bùn sọ.

Dókítà Olúmidé, oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, dá wọn dúró sí wọ́ọ̀dù. Ó béèrè oríṣiríṣi nǹkan: ṣé oríkèé ń ro wọ́n, ṣé kókó kankan wà lọ́rùn wọn? Ó wá béèrè pé, "Oògùn wo lẹ ń lò, Mà?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan. Aldomet. Láti ìgbà oyún."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Oṣù mélòó?"

"Ó ti lé ní ọdún kan."

Mo rí i tí ojú Àǹtí Ẹ̀bùn yí padà. Àwọn náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la kọ́ ọ nílé ìwé pé oògùn yẹn lè mú kí ara ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àńtíbọ́dì irú èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi omi gbé e mì níwájú mi.

Dókítà dá oògùn náà dúró, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní pirẹ́dínísólóònù kí ara yé bá ara jà. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn yẹn ló fà á," ni ó wí, "àmọ́ kì í dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan."

Kò sì dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ já sí mẹ́tàdínlógún. Lọ́jọ́ Ajé, mẹ́rìnlá. Àyà wọn ń lù débi pé mo ń rí i lábẹ́ aṣọ. Dókítà ní wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n gbà kí n wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ẹ̀jẹ̀ tibẹ̀ ń ṣe ìfiwéra. Àpò kan, ó dì. Ìkejì, ó dì. Ìkẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí a ṣe ka ti Sìlífátù. Ọ̀gá ibẹ̀, Àǹtí Ìkẹ́, ní kí n fara balẹ̀. Ohun tó léwu jù, wọ́n ní, ni àńtíbọ́dì mìíràn tó lè ti oyún wá, tó fara pamọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́. Hóró ẹ̀jẹ̀ Àǹtí Ẹ̀bùn fúnra wọn ni wọ́n fi fa èyí tó ń dà wá láàmú kúrò nínú omi ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì yẹ ìyókù wò. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Wọ́n mú àpò tí ìdì rẹ̀ kéré jù.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kán, Àǹtí Ẹ̀bùn ní, "Kò bá mi mu, àbí?"

N kò lè purọ́ fún wọn. "Kò sí èyí tó lè bá yín mu báyìí, Àǹtí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa kán an."

"Bí mo bá gbọ̀n, tètè dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró." Wọ́n yíjú sí ògiri. "Bí ó bá ju gbígbọ̀n lọ, Wùnmí, ẹ má fi Aldomet fún ẹlòmíràn láì ṣàlàyé fún un."

Mo jókòó tì wọ́n fún wákàtí mẹ́rin. Mo ń wo ètè wọn, mo ń wo àwọ̀ ìtọ̀ nínú àpò bóyá ó ti ń dúdú, mo ń ka bí wọ́n ṣe ń mí. Bọ̀dá Ọlábánjí dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ìmísí lọ́rùn wọn, ọmọ náà ń ké ìyá rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ó wọlé. Àǹtí Ẹ̀bùn kò gbọ̀n. Nígbà tí àpò ẹ̀jẹ̀ náà tán, mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo sì bì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Lópin ọ̀sẹ̀, ó jẹ́ ogún, láìtún gba ẹ̀jẹ̀ kankan. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ojú wọn sì ti funfun. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dín pirẹ́dínísólóònù kù, díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ara wọn wú nítorí oògùn náà, wọ́n sì máa ń bínú sí wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n tún àyẹ̀wò Kúúmùsì ṣe fún àwọn. Ó ṣì dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ti sọ fún wa pé ó lè máa rí bẹ́ẹ̀ títí di ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má sì bàjẹ́ mọ́. Wọ́n gbọ́, èmi náà gbọ́. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Àǹtí Ẹ̀bùn máa ń ká apá aṣọ wọn sókè kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á na apá náà sí mi. Mo máa ń fa ẹ̀jẹ̀ náà, a ó sì jọ dúró ti ẹ̀rọ tó ń yí túùbù ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi yí tán.