Ohùn Bàbá Nínú Fóònù Àwìn

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Bantè. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ ìlọ́po sójú pátákó, tí mo ń jágbe mọ́ ọmọ tó bá sáré dáhùn kó tó ṣírò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí èmi gan-an ni mo gbé àbúrò mi obìnrin lọ sí Savalou lọ́jọ́ tó ra fóònù náà.

Aránṣọ ni àbúrò mi. Ó fẹ́ fóònù tó ń ya àwòrán dáadáa, kí àwọn oníbàárà lè máa rí aṣọ tó bá rán. Obìnrin kan pàtẹ fóònù sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá ọjà Savalou. Ó ní bí a bá san owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin fránkì ni. Àbúrò mi kò ní tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ní kò burú, kó san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó mú fóònù lọ sílé, kó sì máa san àádọ́ta lé nígba fránkì lójoojúmọ́ fún ọdún kan.

"Mẹ́tìrì," ó sọ fún mi, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, "owó àkàrà lásán ni, ẹ wò ó."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Èmi tí mo ń fi ìlọ́po dá àwọn ọmọ ọlọ́mọ lágara, n kò fi àádọ́ta lé nígba lọ́po iye ọjọ́ tó wà nínú ọdún. Ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ tán ni mo tó mú ṣọ́ọ̀kì. Bí a bá fi owó àkọ́san kún un, fóònù yẹn ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún àti mẹ́fà lọ. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì àti díẹ̀ ló fi lé iye tó wà lójú àtẹ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, èmi mẹ́tìrì sì ń wò ó níran.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú ìwé náà, lédè Faransé, ní ìsàlẹ̀ pátápátá: ọjọ́ tí owó kò bá wọlé, fóònù yóò ti ara rẹ̀ pa. Mo kà á. Mo ní kò kan wá.

Bàbá wa ń gbé ní Koko, nídìí oko iṣu àti kajú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò gbé ìwé kíkà mọ́, nítorí náà ohùn ló ń fi ránṣẹ́ sí wa láràárọ̀, lórí fóònù olùkọ́ kan tó háyà yàrá nínú ọgbà rẹ̀. Ní èdè Ìṣà wa ló fi ń kí wa. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ jí re? Ẹ má fi ebi ṣiṣẹ́ o." Nígbà mìíràn a máa rojọ́ àwọn màlúù tó wọ oko rẹ̀, tàbí kó wúkọ́ títí kó sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Olùkọ́ yẹn kì í tọ́jú àwọn ohùn náà. Èmi náà, torí pé fóònù mi ti kún, mo máa ń gbọ́ ọ tán ni, kí n sì pa á rẹ́. Nígbà mìíràn n kì í gbọ́ ọ tán. Àbúrò mi nìkan ló ń tọ́jú gbogbo rẹ̀.

Àárín òjò ni àìsàn dá bàbá wa dùbúlẹ̀. Àbúrò mi ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó gun sẹ́mì, ọ̀kadà tiwa, lọ sí Koko láti lọ tọ́jú rẹ̀. Kò rán aṣọ mọ́, owó kò wọlé, fóònù sì ti ara rẹ̀ pa. Ó wá owó ṣí i, ó sì rí ìkéde kan lórí rẹ̀ pé wọ́n ń yáni lówó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, láìsí onídùúró. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún ló bá a lọ́wọ́. Wọ́n ti yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tiwọn kó tó dé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún un láti dá odindi ogún padà.

Kò sọ fún mi. Lọ́kàn rẹ̀, gbèsè yìí dà bíi ti àwọn tó ń ra kajú, tí wọ́n ń yá àgbẹ̀ lówó lásìkò òjò tí wọ́n sì ń dúró de ìkórè. Ṣùgbọ́n ta ló ń kórè kajú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n ní kó san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kí wọ́n lè sún un síwájú fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Ó san án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lọ báyẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náà sì ń bẹ níbẹ̀ digbí, kò dín ní kọ́bọ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni bàbá wa kú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, ọjọ́ tún pé, kò sì rí ohun tí yóò san. Nígbà tó ń yá owó náà, ó ti gbà kí wọ́n wo orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ̀. Wọ́n wá kọ̀wé sí gbogbo wọn: oníbàárà, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àní olùkọ́ tó háyà yàrá ní Koko pàápàá. Olè ni wọ́n pè é. Àwọn oníbàárà wá ń gba aṣọ wọn padà láìrán, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín, àbúrò mi sì tijú èmi ju gbogbo wọn lọ.

Èmi náà rí ìwé yẹn. Inú bí mi sí i. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò fi béèrè lọ́wọ́ mi?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ bá bú mi." Kò parọ́. Ẹnu mi ló lé e lọ bá àwọn tí kò rí lójú rí.

Mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjọ wa, mo san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náà. Mo ní ó ti tán. Ìsìn máàsì ogójì ọjọ́ bàbá wa ti ń bọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó mú fóònù rẹ̀ wá kí a lè jẹ́ kí àwọn ẹbí gbọ́ ohùn bàbá lẹ́yìn máàsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Fóònù náà tún ti ti ara rẹ̀ pa láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn. Obìnrin abẹ́ agboòrùn ti wá bá a, ó ní bó bá dá a padà, wọn kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó dá a padà. Gbogbo ohun tó ti san sórí rẹ̀ di ti wọn.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Savalou láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú gbogbo owó tó kù sílẹ̀ lápò mi. N kò bá obìnrin náà jà. Wọn kò tíì tún fóònù náà tà. Ó ka owó mi, ó wá a jáde láti inú páálí, ó fi aṣọ nù ún.

"Ó mọ́ tónítóní, mẹ́tìrì," ó ní. "Bí fóònù bá ti padà sọ́wọ́ wa, a máa ń pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́."

Mo dúró nínú oòrùn, mo tàn án. Ó tàn bí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rà á. Ó kí mi káàbọ̀ lédè Faransé, ó ní kí n yan èdè tí mo fẹ́. Mo fi ìka fà á wálẹ̀, mo wo àwọn èdè náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pọ̀. Èyí tí bàbá wa fi ń kí wa láràárọ̀ kò sí níbẹ̀.